Lẹ́tà sí onígbọ̀wọ́ àti ìṣirò owó sáà: ìbéèrè tí àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ọ̀dọ́ máa ń bi mí

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ọ̀dọ́ kan ní Abẹ́òkúta. Ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n la ní, kò sì sí èyí tó ti ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ nínú wọn. Láti ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ yòókù ti gbọ́ pé lẹ́tà wa máa ń mú owó wá, kò sí oṣù tí akọ̀wé kan kì í pè mí. Àwọn ìbéèrè wọn nìyí, pẹ̀lú èsì tí mo máa ń fún wọn.

Lẹ́tà ni kí n kọ́kọ́ kọ ni, àbí ìṣirò owó?

Ìṣirò owó ni. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé ló máa ń kọ lẹ́tà tán kí wọ́n tó máa wá iye tí wọ́n máa fi sí i. Ibẹ̀ ni "ẹ fi ohunkóhun tí agbára yín bá ká ràn wá lọ́wọ́" ti ń wá. Ẹni tó bá gba irú lẹ́tà yẹn kò mọ ohun tó máa ṣe sí i. Á fún ọ ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, á sì gbà pé òun ti ṣe tòun. Ṣùgbọ́n tí ìṣirò bá ti wà nílẹ̀, lẹ́tà kò ní ju ojú ewé kan lọ, torí ohun tó kù láti sọ kò pọ̀: ta ni wá, èló ló kù, èwo nínú rẹ̀ la fẹ́ kí ẹ bá wa gbé.

Báwo lẹ ṣe ṣe ìṣirò ti sáà yìí?

A kò bẹ̀rẹ̀ láti orí owó. Orí ọjọ́ la ti bẹ̀rẹ̀. Sáà wa ń tẹ̀ lé ọdún ilé ẹ̀kọ́, láti oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Karùn-ún, oṣù mẹ́sàn-án nìyẹn. Ìdíje mẹ́rìndínlógún la máa gbá: mẹ́jọ nílé, mẹ́jọ níta. Nínú mẹ́jọ tí a máa jáde fún, márùn-ún wà nínú Abẹ́òkúta níbí, mẹ́ta sì wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣàgámù àti Ìlaró. Nígbà tí èyí ti wà lórí ìwé, owó kàn ń tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀ ni:

Ọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn, ẹ̀ẹ̀mẹta ní ₦75,000: ₦225,000
Ọkọ̀ nínú Abẹ́òkúta, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ní ₦25,000: ₦125,000
Jẹ́sì, ṣòkòtò àti ìbọ̀sẹ̀, ogún ní ₦7,500: ₦150,000
Bọ́ọ̀lù, mẹ́jọ ní ₦18,000: ₦144,000
Owó rẹfirí fún ìdíje mẹ́jọ tí a gbá nílé, ₦20,000 lọ́kọ̀ọ̀kan: ₦160,000
Omi, búrẹ́dì àti àkàrà, ìdíje mẹ́rìndínlógún ní ₦12,000: ₦192,000
Àpótí ìtọ́jú ọgbẹ́: ₦45,000
Owó ọkọ̀ fún akọ́nimọ̀ọ́gbá méjì, ₦15,000 lóṣù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ₦270,000
Owó pápá, ₦10,000 lóṣù: ₦90,000
Ìforúkọsílẹ̀: ₦60,000

Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,461,000. A fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀, ìyẹn ₦146,100. Gbogbo rẹ̀ wá di ₦1,607,100.

Àwọn kan ní kí n kúkú kọ mílíọ̀nù méjì, pé onígbọ̀wọ́ á gé e wálẹ̀ náà ni. N kò gbà. Àwọn oníṣòwò là ń kọ̀wé sí, àwọn tó ń ra ọjà lójoojúmọ́, tí wọ́n sì mọ iye tí ọkọ̀ ń gbà dé Ìjẹ̀bú-Òde jù wá lọ. Ẹni tó bá rí i pé o bu nǹkan lé owó ọkọ̀, á gé ti bọ́ọ̀lù àti ti omi náà.

Kí ló dé tí ẹ kò kọ "oríṣiríṣi" síbẹ̀? Gbogbo ìṣirò ló ní i.

Tiwa náà ní i nígbà kan, ₦200,000 ni. Mo gbé ìwé náà lọ bá màmá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Màmá jókòó láàárín àwọn ìdì aṣọ rẹ̀, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sì ń fi ìka ka ìwé náà láti òkè wálẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Aró ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Ó kọjá lórí ọkọ̀, ó kọjá lórí jẹ́sì, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó dé "oríṣiríṣi", ìka rẹ̀ dúró. Ó ní, "Akọ̀wé, ta ló ń jẹ́ Oríṣiríṣi?"

N kò rí èsì fún un, nítorí èmi gan-an kò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ó dá ìwé padà fún mi, ó ní kí n lọ bi àwọn tó rán mi. Nígbà tí a jókòó tú ₦200,000 yẹn palẹ̀, a rí i pé omi ọjọ́ ìdíje, oògùn ọgbẹ́ àti owó pápá ló wà nínú ẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ènìyàn máa fẹ́ san tí wọ́n bá dárúkọ wọn. Àwa la fi ọwọ́ ara wa bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Ìdá kan nínú mẹ́wàá tí a ń fi lé e kì í ṣe oríṣiríṣi. A máa ń kọ ohun tó wà fún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bí owó ọkọ̀ bá wọ́n sí i, tàbí bí ọmọ kan bá farapa débi tí a máa gbé e dé ilé ìwòsàn. Bí a kò bá ná an, á ṣẹ́kù sí sáà tó ń bọ̀, onígbọ̀wọ́ á sì rí i níbẹ̀.

Àwọn ọmọ ń san owó oṣooṣù. Ṣé kí n kọ ọ́, àbí kí n fi pamọ́ kí onígbọ̀wọ́ má bàa rò pé a ti ní owó?

Kọ ọ́. Onígbọ̀wọ́ kì í fẹ́ràn ẹgbẹ́ tí kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tó ń wọlé ní tòótọ́ ni kí o kọ, kì í ṣe iye tó yẹ kó wọlé. Tiwa jẹ́ ₦1,500 lóṣù. Bí ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bá san án fún oṣù mẹ́sàn-án, ₦337,500 nìyẹn. Àmọ́ mo wo ìwé akápò fún sáà tó kọjá, méjìdínlógún péré ló san án tán. Nítorí náà ₦243,000 ni mo kọ. Àwọn méje yòókù, mo mọ ilé wọn. A kì í lé ọmọ nítorí ₦1,500.

Owó tó ṣẹ́kù sí báǹkì láti sáà tó kọjá jẹ́ ₦64,100, àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún wa rí sì dá ₦280,000 jọ. Gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ jẹ́ ₦587,100. Yọ ọ́ kúrò nínú ₦1,607,100, ó ku ₦1,020,000. Owó yìí là ń wá. Òun ni kí ó hàn gedegbe nísàlẹ̀ ìwé, kí ẹni tó ń kà á má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣe ìṣirò.

Owó ọkọ̀ máa ń yí padà. Báwo la ṣe lè kọ iye tí kò ní dójú tì wá?

Ó ti dójú tì wá rí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023 ni a ṣe ìṣirò sáà tó máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Awakọ̀ ní ₦30,000 ni lọ àti bọ̀ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Onígbọ̀wọ́ kan san ₦120,000 fún ìrìn àjò mẹ́rin, a dúpẹ́, a sì fi ọkàn balẹ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo tí kò tó ₦200 sì fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí sáà bẹ̀rẹ̀, awakọ̀ kan náà ní ₦55,000.

Owó ìrìn àjò mẹ́rin wá ṣe méjì péré. Ní ẹ̀kẹta, a wọ ọkọ̀ akérò, ọmọ mọ́kànlá nìkan sì ni owó ọwọ́ wa tó san fún. Kò sí àrọ́pò. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ọmọ tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fi ẹsẹ̀ rọ́, àwọn mẹ́wàá ló sì gbá a parí. Mo wà ní ẹ̀gbẹ́ pápá. Mi ò lè wo ojú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí a fi sílẹ̀ nílé nígbà tí a padà dé, ó ti wọ jẹ́sì rẹ̀ láti àárọ̀.

Láti ìgbà náà, ohun mẹ́ta la ń ṣe. A máa ń gba iye owó lẹ́nu awakọ̀ méjì, ọ̀kan ní gáréèjì Kútọ̀, ọ̀kan ní Lafẹ́ńwá, èyí tó wọ́n jù la sì ń kọ. A kì í ṣe ìṣirò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. A sì máa ń kọ ọjọ́ tí a béèrè owó sí abẹ́ ìwé náà, pẹ̀lú gbólóhùn kan pé bí owó ọkọ̀ bá gòkè, a máa sọ fún yín kí a tó ná an, a kò ní kàn dín ìrìn àjò kù láìsọ.

Ta ni kí a kọ ọ́ sí, èló ni kí a béèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan?

Àwọn àgbà ìlú yìí rántí Abíọ́lá Bébìsì dáadáa, ẹgbẹ́ Olóyè MKO Abíọ́lá tó gba ife Ṣálẹ́ńjì ní 1985 àti 1987. Nítorí náà ni gbogbo wa ṣe ń wá olówó kan ṣoṣo tó máa gbé gbogbo rẹ̀. Ẹgbẹ́ kékeré bíi tiwa kò lè dúró de irú ẹni bẹ́ẹ̀. ₦1,020,000 ṣòro fún ẹnì kan, ṣùgbọ́n tí a bá gé e sí wẹ́wẹ́, ó ní ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá mu.

Jẹ́sì, tí orúkọ máa wà lára rẹ̀, la máa ń gbé lọ fún ilé iṣẹ́. Ìrìn àjò kan, ₦75,000, la máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ní ilé epo tàbí ilé ìtajà ńlá ní Panṣẹ́kẹ́. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, àpótí ìtọ́jú ọgbẹ́ ni tirẹ̀, ó sì tún máa ń fún wa ní ọjà dípò owó. Ìyá oníbúrẹ́dì, búrẹ́dì ni. A kì í fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Ìṣirò kan náà ló ń bá gbogbo lẹ́tà lọ, ìlà tí a fi àmì sí nìkan ló yàtọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rí lẹ́tà kan.

Èyí ni a kọ sí màmá aláàdìrẹ tí mo sọ nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

"Sí ọ̀dọ̀ Ìyá wa, ní Ìtòkú.

Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ẹ kú àdúrótì sáà tó kọjá.

Àwa ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ọ̀dọ́ Ìdí-Abà ló ń kí yín. Ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n la ní, sáà tuntun sì máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Ìṣirò owó sáà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,607,100. Àwọn ọmọ àti àwọn tó ti jáde lọ́dọ̀ wa ti gbé ₦523,000, a ní ₦64,100 ní báǹkì, ó ku ₦1,020,000.

Ohun tí a wá bẹ̀ yín fún ni ìlà kẹrin, bọ́ọ̀lù. Mẹ́jọ la nílò. A ń bẹ̀ yín kí ẹ bá wa ra mẹ́rin, ₦72,000. Pápá wa jẹ́ ilẹ̀ oníkùsà. Bọ́ọ̀lù kì í pé oṣù mẹ́ta níbẹ̀ kí awọ rẹ̀ tó bó, ìdí rèé tí ó fi jẹ́ mẹ́jọ. Bí mẹ́rin kò bá rọrùn, ẹyọ kan náà á wúlò, ₦18,000.

Ẹ lè san án sí àkáǹtì ẹgbẹ́, tàbí kí ẹ ra bọ́ọ̀lù náà fúnra yín. Bọ́ọ̀lù náńbà 5 ni. Bí ẹ bá fẹ́ rí àwọn ọmọ, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, aago méje àárọ̀, a wà ní pápá.

Èmi ni akọ̀wé yín."

Ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. A kò sọ pé bọ́ọ̀lù ń lé ìwà ipá kúrò láàárín ọ̀dọ́, a kò sì ṣèlérí pé ọmọ kan máa di Okocha. Màmá mọ ohun tí bọ́ọ̀lù ń ṣe fún ọmọ, ó ti tọ́ ọmọ tirẹ̀.

Yorùbá ni àbí Gẹ̀ẹ́sì?

Ilé iṣẹ́ àti báǹkì, Gẹ̀ẹ́sì, torí inú fáìlì ló máa lọ. Oníṣòwò ìlú, Yorùbá. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, fi ọwọ́ gbé e lọ fúnra rẹ, kí o sì mú ẹ̀dà kejì dání kí ẹni tó gbà á lè fọwọ́ sí i pẹ̀lú ọjọ́. Ilé iṣẹ́ kan ti sọ fún mi rí pé àwọn kò rí lẹ́tà wa. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi ló jẹ́ kí wọ́n padà lọ wá a.

Ṣé ó burú kí owó wọ àkáǹtì akọ́nimọ̀ọ́gbá?

Ó burú, kódà bí kò bá jí kọ́bọ̀. Owó ẹgbẹ́ á dà pọ̀ mọ́ owó ilé rẹ̀, nígbà tó bá sì di ìparí sáà kò sí ẹni tó máa lè yà wọ́n. Ṣí àkáǹtì ní orúkọ ẹgbẹ́, kí ènìyàn méjì máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Tiwa, akápò àti alága ni. Báǹkì máa béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, nítorí náà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí sáà tó kù sí dẹ̀dẹ̀.

Onígbọ̀wọ́ kan ní òun máa gbé gbogbo owó, ṣùgbọ́n kí a kọ̀wé pé ìdajì ọmọ kan jẹ́ tòun bí a bá tà á. Kí ni ká sọ?

Ẹ sọ pé rárá, kí ẹ sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìbéèrè yìí ni mo ń rí jù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2015 ni FIFA ti fòfin dè é pé kí ẹlòmíràn tí kì í ṣe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní ìpín nínú owó títà agbábọ́ọ̀lù. Ìwé tí ẹ bá kọ fún un kò ní wúlò fún un, ẹgbẹ́ yín ló sì máa jìyà. Bákan náà, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún kò lè lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ òkè òkun, àfi àwọn àyè díẹ̀ tí òfin náà dá sílẹ̀. Ẹni tó bá ń sáré mú ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jáde, ẹ kíyè sí i.

Ohun tó tọ́ sí ẹgbẹ́ yàtọ̀. Bí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ni wọ́n máa ń pín fún àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọdún méjìlá sí mẹ́tàlélógún. Láti ọdún méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, 0.25% ni fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Láti mẹ́rìndínlógún lọ, 0.5%. Ká ní ọmọ wa lo ọdún mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti mẹ́rìndínlógún rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n wá tà á ní 100,000 yúrò lọ́jọ́ kan, 250, 250 àti 500 ló tọ́ sí wa, ẹgbẹ̀rún yúrò. Ẹgbẹ́ tí orúkọ ọmọ náà wà ní ìwé rẹ̀ ló máa gbà á. Nítorí náà ni ₦60,000 ìforúkọsílẹ̀ ṣe wà nínú ìṣirò, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́.

Ẹ má kọ owó yìí sí lẹ́tà bí ìlérí. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò ní dé ibẹ̀, àwọn òbí wọn sì máa ń gbọ́ ohun tí a sọ fún onígbọ̀wọ́. Ohun tí onígbọ̀wọ́ lè gbà ni orúkọ lára jẹ́sì, pátákó ní ẹ̀gbẹ́ pápá, àti àkọsílẹ̀ owó rẹ̀.

Ilé tẹ́tẹ́ ní òun máa ra jẹ́sì.

A kọ̀ ọ́. Ọtí náà, a kọ̀ ọ́. Àwọn ọmọdé ló máa wọ jẹ́sì yẹn lọ sí ojúde.

Ọ̀sẹ̀ mélòó ni kí a dúró kí a tó lọ béèrè èsì?

Méjì. Lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú. Ọjọ́ Ajé kò dára fún oníṣòwò. Bí wọ́n bá ní kò sí owó, dúpẹ́, kí o sì béèrè bóyá o lè mú àkọsílẹ̀ ìparí sáà wá fún wọn. Méjì nínú àwọn tó ń gbọ̀wọ́ fún wa báyìí kọ̀ wá ní ọdún àkọ́kọ́.

Àkọsílẹ̀ ìparí sáà ńkọ́, báwo ló ṣe rí?

Ojú ewé kan náà tí a fi béèrè owó ni. A kàn máa ń fi òpó kejì kún un, iye tí a ná ní tòótọ́, pẹ̀lú náńbà rìsíìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní sáà tó kọjá, a kọ ₦40,000 fún oògùn ọgbẹ́, a ná ₦52,500, a sì kọ ìdí rẹ̀: apá ọmọ kan kán ní Ṣàgámù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹfà ni mo máa ń gbé e káàkiri. Nígbà tí mo dé Ìtòkú, màmá wọ awò ojú rẹ̀, ó fi ìka ka ìwé náà láti òkè wálẹ̀, ó dúró lórí ₦52,500, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá apá ọmọ náà ti jinná.